Ọjọ́ orí ní ọjọ́ ìparí gbígba ìwé: báwo ni a ṣe ń kà á?



Ní ojú ewé Yorùbá ti ìgbà yìí, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò wà nínú ìkéde iṣẹ́ àti ìkéde owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ilé-ẹ̀kọ́ wa. Nínú ọ̀pọ̀ ìkéde wọ̀nyí, ìlà kan wà tí ó sọ pé ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ti ju iye báyìí lọ, kí ó má ṣe kọ ìwé. Ìlà náà kì í gùn, àmọ́ a kì í sábà kà á dáadáa. Ẹni tí ó yẹ kí ó kọ ìwé yóò rò pé òun ti dàgbà jù, yóò sì jókòó sílé. Ẹni tí kò yẹ kí ó kọ ọ́ yóò lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ-ìbílẹ̀, yóò gba ìwé ilé-ẹjọ́ tí ó fi hàn pé kò dá ọ̀ràn rí, yóò sanwó òntẹ̀ lórí gbogbo ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rẹ̀, wọn yóò sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò ní ọjọ́ kìíní tí wọ́n bá ṣí àpò ìwé.

Kò sí ìṣirò líle nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ èdè ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi rò pé ó kàn wá, àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè.

Ohun méjì tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìlà náà

Bí wọ́n bá ní "ọdún 35" nìkan, wọn kò tíì sọ nǹkan tó. Gbèdéke ọjọ́ orí nílò ohun méjì mìíràn kí ó tó ní ìtumọ̀.

Ohun kìíní ni ọjọ́ tí wọn yóò fi wọn ọjọ́ orí. Ọjọ́ orí wa kì í dúró lójú kan. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 34 lónìí lè di ọmọ ọdún 35 lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ mú ọjọ́ kan. Ó lè jẹ́ ọjọ́ ìparí gbígba ìwé. Ó lè jẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún tí ìdíje ìgbaniṣíṣẹ́ yóò wáyé, bí ó ti máa ń rí nínú ọ̀pọ̀ ìkéde tí a kọ ní ọ̀nà Faransé. Ó lè jẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ yóò bẹ̀rẹ̀. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé a ń fi ọjọ́ ìparí gbígba ìwé ka ọjọ́ orí wa, nígbà tí ìkéde náà ti dárúkọ ọjọ́ mìíràn kedere ní ìlà tí ó tẹ̀ lé e.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ ààlà. Ǹjẹ́ ẹni tí ó ti pé ọdún 35 gan-an wà nínú ilé ni, tàbí ó wà lóde? "Kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún 35" ti ẹni náà síta. "Kò gbọdọ̀ ju ọdún 35 lọ" gbà á wọlé. Láàárín gbólóhùn méjèèjì yìí, ó lè tó odidi ọdún kan nínú ọjọ́ ayé ènìyàn.

Ibi tí èdè ti ń dí wa lọ́wọ́

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ ààlà yìí fi ń ṣì wá lọ́nà? Ìdí kan ni pé ọ̀nà ìkàyé méjì ni ó wà lẹ́nu àwa ọmọ Yorùbá, a sì ń lo méjèèjì láì fura.

Ọ̀nà kìíní ni kí a ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ iye. Ẹ wo ọjà ọrọọrún. Bí wọ́n bá ná ọjà ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò tún ná an. Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì: ó pé márùn-ún. Àmọ́ bí a bá ní kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yọ ọjọ́ kan kúrò nínú èkejì, mẹ́rin ni yóò rí. Bákan náà ni ìpàdé ìtàdógún. Ẹ̀tàdínlógún wà nínú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ 16 ni ó wà láàárín ìpàdé kan àti èkejì. Ìjẹta pẹ̀lú, ẹ̀ta wà nínú rẹ̀, nítorí a ka òní, a ka àná, kí a tó kan ọjọ́ náà. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Ajé, a ń sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀ lé e, a sì ń pè é ní ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ ìbí náà ni a kà ní oókan.

Ọ̀nà kejì ni kí a ka èyí tí ó ti pé nìkan. Bí a bá ní ọmọ kan "ti pé ọdún mẹ́wàá", ọdún mẹ́wàá ti parí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní "ó wà nínú ọdún kẹwàá", mẹ́sàn-án péré ni ó ti parí, ìkẹwàá ń lọ lọ́wọ́.

Àwọn tí ń kọ ìkéde ń fi ọ̀nà kejì kà. Ọdún tí ó ti parí ni wọ́n mọ̀. Nínú ìkéde tí a kọ ní Faransé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń fi sọ bẹ́ẹ̀ kí iyèméjì má bàa sí, òun ni "réfólù". Ọdún tí ó bá jẹ́ réfólù ni ọdún tí ó ti yí po, tí ó ti parí. Bí wọ́n bá ní ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ọdún 18 réfólù, ó gbọ́dọ̀ ti ṣe ọjọ́ ìbí kejìdínlógún. Bí wọ́n bá sì ní kò gbọdọ̀ ju ọdún 35 réfólù lọ, ẹni tí ó pé ọdún 35 ní oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn ṣì wà nínú wọn, nítorí ọdún kẹrìndínlógójì tí ó ń lọ lórí rẹ̀ kò tíì parí. Ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ yìí yóò sọ pé òun "ti ń lọ sí ọdún 36", yóò sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde kúrò níbi tí wọn kò ti lé e.

Bí wọn kò bá fi réfólù sí i, tí wọ́n kàn ní "ọdún 35 ni ó pọ̀ jù", ibẹ̀ ni ìjà wà. Ẹnì kan lè kà á pé ọmọ ọdún 35 ni a ń pe ènìyàn títí di ọjọ́ tí ó máa ṣáájú ọjọ́ ìbí kẹrìndínlógójì. Ẹlòmíràn lè ní ẹni tí ó ti fi ọjọ́ kan péré kọjá ọdún 35 ti ju 35 lọ nìyẹn. Ọgbọ́n wà nínú èkíní, ọgbọ́n wà nínú èkejì. A ó padà sí ohun tí a lè ṣe sí i.

Sọ ọjọ́ orí di ọjọ́ ìbí

Ọ̀nà tí ó dára jù ni kí a má ṣe ka ọjọ́ orí ara wa rárá. Kí a kọ́kọ́ sọ gbèdéke náà di ọjọ́ ìbí: "ẹni tí a bí ní ọjọ́ báyìí tàbí lẹ́yìn rẹ̀." Lẹ́yìn náà, kí a wo ìwé ìbí wa bóyá a wà lápá ìhín tàbí lápá ọ̀hún. Ìlànà méjì ni ó wà.

Bí wọ́n bá ní kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún kan ní ọjọ́ kan, ẹ yọ iye ọdún náà kúrò nínú ọjọ́ yẹn, kí ẹ sì fi ọjọ́ kan kún un.

Bí wọ́n bá ní kò gbọdọ̀ ju ọdún kan lọ, tí ó sì jẹ́ ọdún tí ó ti pé ni wọ́n ń kà, ẹ fi oókan kún iye ọdún náà kí ẹ tó yọ ọ́, kí ẹ sì tún fi ọjọ́ kan kún èsì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìkéde méjì tí gbogbo ayé mọ̀ dán ìlànà yìí wò. Ìjọba Jàpáànì ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ ṣe ìwádìí lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ ní owó ìrànwọ́. Fún ti ọdún 2025, wọ́n kọ ọ́ pé ẹni tí a bí ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1990 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ ni kí ó kọ ìwé. Kí ni ọjọ́ 2 wá ṣe níbẹ̀? Ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ni ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ ní Jàpáànì, ẹni tí wọ́n sì ń wá kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún 35 ní ọjọ́ náà. Ẹ yọ 35 kúrò nínú ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 2025, ẹ ó rí ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 1990. Ẹ fi ọjọ́ kan kún un, ó di ọjọ́ 2. Ẹni tí a bí ní ọjọ́ 1 pé ọdún 35 ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n wọn ọjọ́ orí gan-an, nítorí náà ó ti bọ́ síta.

Èkejì ni ìdánwò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ń gba àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kàwé sí iṣẹ́. Ti ọdún 2024 sọ pé kí ẹni náà má ju ọmọ ọdún 32 lọ ní ọdún ìdánwò, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí ẹni tí a bí ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1992 tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ìlànà kejì ni èyí. Ọjọ́ tí wọ́n fi wọ̀n ni 31 oṣù kejìlá 2024. Ẹ yọ 33, ó di 31 oṣù kejìlá 1991. Ẹ fi ọjọ́ kan kún un, ó di ọjọ́ kìíní ọdún 1992. Ó bára mu pẹ́pẹ́.

Àwọn méjèèjì yìí ti ṣe iṣẹ́ náà fún olùkàwé. Níbi tí wọ́n bá ti kọ ọjọ́ ìbí sílẹ̀ báyìí, ẹ má ṣe ka ọjọ́ orí mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n kọ ni òfin.

Kí a tó kúrò ní Jàpáànì, ohun kan wà níbẹ̀ tí yóò dùn mọ́ wa. Òfin ìkàyé ọjọ́ orí wọn, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1902, ní kí a ka ọjọ́ ìbí mọ́ iye, bí a ṣe ń kà á níbi ìsọmọlórúkọ. Nítorí náà, ọdún ènìyàn ń pé ní òpin ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ ìbí rẹ̀. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin pé ọdún mẹ́fà ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ó sì ń bá àwọn tí a bí ní ọdún tí ó ṣáájú wọ ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ kejì yóò dúró di ọdún mìíràn. Ọ̀nà ìkàyé tí a rò pé ti ọjà ọrọọrún nìkan ni, òfin orílẹ̀-èdè kan dúró lé e lórí.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan, ìkéde mẹ́rin

Ẹ jẹ́ kí a mú akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Kétu, tí ìwé ìbí rẹ̀ sọ pé a bí i ní ọjọ́ 14 oṣù keje 1990. Ìkéde mẹ́rin wà níwájú rẹ̀, gbogbo wọn ni yóò parí gbígba ìwé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2025, gbogbo wọn ni ó sì dárúkọ ọdún 35.

Ìkéde kìíní ní kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún 35 ní ọjọ́ ìparí. Ìlà ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni 1 oṣù keje 1990. Akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ọjọ́ 13 wọlé.

Ìkéde kejì ní kò gbọdọ̀ ju ọdún 35 réfólù lọ ní ọjọ́ ìparí. Ìlà rẹ̀ ni 1 oṣù keje 1989. Ó wọlé pẹ̀lú ọdún kan àti ọjọ́ díẹ̀.

Ìkéde kẹta ní kò gbọdọ̀ tíì pé ọdún 35 ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2025. Ìlà rẹ̀ ni 1 oṣù kìíní 1991. Ó bọ́ síta, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọdún 34 ni ní ọjọ́ tí yóò fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Èyí ni ó ń dun ènìyàn jù, nítorí ẹni náà kò purọ́, kò sì pẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n fi wọn ọjọ́ orí ni kò kà.

Ìkéde kẹrin ní kò gbọdọ̀ ju ọdún 35 réfólù lọ ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 2025. Ìlà rẹ̀ ni 1 oṣù kìíní 1990. Ó wọlé.

Bí a bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ wa wò kíákíá, ẹ kọ ọjọ́ méjèèjì ní nọ́ńbà mẹ́jọ mẹ́jọ, ọdún ṣáájú, oṣù tẹ̀ lé e, ọjọ́ kẹ́yìn. Ẹ yọ ọjọ́ ìbí kúrò nínú ọjọ́ ìwọ̀n, kí ẹ sì fi nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn sílẹ̀. Ohun tí ó kù ni ọdún tí ó ti pé:

```
20250630 - 19900714 = 349916  ->  34
20251231 - 19900714 = 350517  ->  35
```

Nígbà tí wọ́n bá sún ọjọ́ síwájú

Inú wa máa ń dùn bí wọ́n bá fi oṣù kan kún àkókò gbígba ìwé. Ó yẹ kí a fura díẹ̀. Nínú ìkéde kìíní, ọjọ́ orí so mọ́ "ọjọ́ ìparí" láì dárúkọ ọjọ́ kan pàtó. Bí wọ́n bá sún ìparí sí ọjọ́ 31 oṣù keje 2025, ìlà ọjọ́ ìbí yóò sún di 1 oṣù kẹjọ 1990, akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ yóò sì bá ara rẹ̀ lóde. Nínú ìkéde kẹta àti ìkẹrin, wọ́n ti dárúkọ 31 oṣù kejìlá, nítorí náà ìsúnsíwájú náà kò yí nǹkan kan padà.

Ẹni tí ó bá wà ní etí ààlà báyìí, kí ó fi ìwé sílẹ̀ kí ọjọ́ ìparí àkọ́kọ́ tó kọjá, kí ó sì tọ́jú ìwé tí wọ́n fi jẹ́rìí pé àwọn gbà á, ti òun ti ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀, àti ẹ̀dà ìkéde àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé èyí mú ẹ̀tọ́ dání dandan, àmọ́ ẹni tí kò ní ìwé wọ̀nyí kò ní ohun tí yóò fi sọ̀rọ̀.

Ìwé ìbí tí kò ní ọjọ́, àti ọjọ́ tí a kọ sódì

Ìṣirò wa gbogbo dúró lórí ọjọ́ ìbí. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, a ní àwọn tí ìwé wọn sọ pé a bí wọn "ní nǹkan bí ọdún 1990", láìsí oṣù, láìsí ọjọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó ṣe ìṣirò náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ó fi ọjọ́ 1 oṣù kìíní ṣe é, kí ó sì fi ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ṣe é. Bí méjèèjì bá mú un wọlé, kò sí wàhálà. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan mú un wọlé, tí èkejì tì í síta, bí yóò ti rí fún un nínú ìkéde kìíní lókè yìí, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ṣe ìkéde kí ó tó ná owó kankan.

Ohun mìíràn tí ó yẹ kí a ṣọ́ ni bí a ṣe ń kọ ọjọ́. Àwa ń kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù. Àwọn fọ́ọ̀mù kan tí ó wá láti Amẹ́ríkà ń fi oṣù ṣáájú. Ẹni tí a bí ní ọjọ́ 7 oṣù kẹta, tí ó sì kọ 07/03, ti sọ fún wọn pé oṣù keje ni a bí òun, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti yí padà pẹ̀lú oṣù mẹ́rin. Bí nọ́ńbà àkọ́kọ́ bá ju 12 lọ, fọ́ọ̀mù náà yóò kọ̀ ọ́, a ó sì mọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín 1 sí 12, yóò gbà á láì sọ nǹkan kan. Kí a wo àpẹẹrẹ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà kí a tó kọ ọ́.

Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń ronú pé kí àwọn lọ gba ìwé ìbí mìíràn tí yóò dín ọdún wọn kù. Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ ìbí wa wà lórí ìwé ẹ̀rí Bẹ́péèsì àti Báàkì wa. Ẹni tí ó ń yẹ ìwé wò yóò gbé ìwé mẹ́ta síwájú, yóò rí ọjọ́ méjì, yóò sì pa á tì, kódà bí ọjọ́ orí tòótọ́ ìbá ti gbà á wọlé. Bí ó bá jẹ́ pé àṣìṣe akọ̀wé ni ó mú kí ọjọ́ méjì yàtọ̀ síra, ilé-ẹjọ́ ni a ti ń tún un ṣe, ó sì máa ń pẹ́. Kí a má ṣe dúró di oṣù tí ìkéde bá jáde.

Ìbéèrè tí ó ní ìdáhùn

A ti sọ pé a ó padà sórí "ọdún 35 ni ó pọ̀ jù". Bí ìlà bẹ́ẹ̀ kò bá ní réfólù, tí kò sì ní ọjọ́ ìbí, kò sí bí a ṣe lè fi gírámà nìkan ṣẹ́gun rẹ̀. Kí a kọ lẹ́tà kúkúrú sí ibi tí ìkéde ti wá. Kí a má ṣe béèrè pé "ǹjẹ́ mo lè kọ ìwé?", nítorí wọn yóò ní kí a lọ ka ìkéde. Kí a fi ọjọ́ sí i: "A bí mi ní ọjọ́ 14 oṣù keje 1990. Ǹjẹ́ ọjọ́ orí mi bá ohun tí ẹ ń fẹ́ mu ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún yìí?" Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìdáhùn ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Bí a bá rí ìdáhùn náà gbà ní kíkọ, kí a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí a sì fi pamọ́ sínú àpò kan náà pẹ̀lú ìwé ìbí.

Bí ìdáhùn kò bá dé kí ọjọ́ ìparí tó kù sí ọ̀sẹ̀ kan, kí a ka gbólóhùn náà ní ọ̀nà tí ó le jù. Bí a bá wọlé lọ́nà yẹn, kí a lọ fi ọkàn balẹ̀ ṣe òntẹ̀ ìwé. Bí a kò bá wọlé, kí a kọ́kọ́ fi iye owó òntẹ̀ wé ohun tí a ń wá, kí olúkúlùkù sì pinnu fún ara rẹ̀.